Ojú Ọ̀nà Mélòó Ló Máa Tó Tóògéètì?

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò àtimáa gba owó lójú ọ̀nà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, iye owó ni gbogbo ènìyàn gbé sẹ́nu. 200 náírà ni wọ́n dá lábàá fún mọ́tò kékeré, 300 fún jíìpù, 500 fún bọ́ọ̀sì ńlá àti tírélà. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ṣeé jà lé lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń mú awakọ̀ tẹ fèrè láìdáwọ́ dúró ní tóògéètì. Ìdúró ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tóògéètì kalẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ojú ọ̀nà mélòó ni yóò ṣí, àti iye àkókò tí ẹni tó bá dé yóò fi dúró kó tó kan agbowó.

Àwọn tó máa ń rin ìrìn-àjò Èkó kí ìjọba Ọbásanjọ́ tó pa àwọn tóògéètì rẹ́ lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Títí di òní, ará Ìbàdàn ṣì ń pe ibì kan ní Tóògéètì lójú ọ̀nà Èkó, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í gbowó níbẹ̀ mọ́. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, oníbodè ti ń jókòó sẹ́nu odi ìlú, tí ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ oníṣòwò àti aláàárù. Ẹnubodè kan, ìlà kan: ìṣirò tirẹ̀ kò le. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agbowó di mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí ọkọ̀ sì ń dé láìsí àdéhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn gbé tóògéètì kan sí Akódà, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ láti Gbọ̀ngán ti ń yà wọ Ẹdẹ, tí ẹlòmíràn sì ń kọjá lọ sí Òṣogbo. Ìhà àwọn tó ń bọ̀ láti Gbọ̀ngán nìkan la ó wò. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ń darí sílé, àwọn tó lọ tajà ń padà bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì àti ti Yunifásítì Redeemer ń wọlé. Nọ́ńbà tí n ó lò fún Akódà, mo mú un fún àpẹẹrẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ lọ jókòó síbẹ̀ kó kà á fúnra rẹ̀.

Nǹkan méjì péré ni yóò kà. Èkíní ni iye ọkọ̀ tó ń dé láàárín wákàtí kan. Ibi tó ti máa ń kà á ló ṣe pàtàkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń bàjẹ́. Bí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́ agbowó tó ń ka ọkọ̀ tó ń jáde, iye tí àwọn agbowó lè ṣe ló ń kà, kì í ṣe iye tó ń dé. Bí ìlà bá ti gùn, àgọ́ mẹ́rin tó lè tú ọkọ̀ 720 sílẹ̀ ní wákàtí kan yóò tú 720 sílẹ̀, ìbáà jẹ́ 800 ló ń dé tàbí 1,500. Yóò wá padà sí ọ́fíìsì, yóò kọ 720 sílẹ̀, wọn ó sì ní àgọ́ mẹ́rin tó. Ìdí ìlà, níbi tí ọkọ̀ tuntun ti ń dara pọ̀, ni kó dúró sí. Bí ìlà bá sì ń sún sẹ́yìn, òun náà gbọ́dọ̀ máa sún sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀.

Ìkejì ni àkókò tí ọkọ̀ kan ń gbà lọ́wọ́ agbowó. Èyí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí awakọ̀ bá na owó sí agbowó ni aago ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ iwájú bá ti lọ, tèyìn gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó sún síwájú, kó dúró, kó yí gíláàsì wálẹ̀, kó tó wá kan owó. Gbogbo ìyẹn ti gba ààyè àgọ́ náà mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti wọ̀n ọ́n ni pé nígbà tí ìlà bá so kọ́ra tí kò já, kí ènìyàn wo aago nígbà tí ìdí ọkọ̀ kan bá kọjá ọ̀pá, kó tún wò ó nígbà tí ìdí ọkọ̀ tó tẹ̀lé e bá kọjá. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni àkókò tòótọ́. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọkọ̀, kó wá mú ìpíndọ́gba.

Ká ní ó rí i pé ọkọ̀ 600 ló ń dé ní wákàtí kan, ìyẹn mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, àti pé ọkọ̀ kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá 20. Iṣẹ́ tó ń dé ní wákàtí kan jẹ́ 600 lọ́nà 20, tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 12,000. Agbowó kan kò ní ju 3,600 lọ ní wákàtí kan. Bí a bá pín 12,000 sí 3,600, ó di 3.33. Nọ́ńbà yìí ni ẹrù iṣẹ́ náà: ó gba agbowó mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́ta, bí wọn kò bá tilẹ̀ sinmi rárá. Nítorí náà àgọ́ mẹ́ta kò lè tó láéláé. Bí wọ́n bá ṣí mẹ́ta péré, ìlà yóò máa gùn títí tí ọkọ̀ yóò fi dínkù lójú ọ̀nà.

Mẹ́rin ńkọ́? Bí a bá pín 3.33 sí 4, ó di 0.83. Ìwọ̀n ọwọ́-dídí nìyẹn: agbowó kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìdá 83 nínú 100 àkókò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀ ní ìdá 17. Lójú ẹni tó ń san owó oṣù, èyí dára púpọ̀. Ó tilẹ̀ lè bèèrè pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ wọn ti ń dilẹ̀, kí ló dé tí ìlà ṣì wà?

Ìlà wà nítorí pé ọkọ̀ kì í dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n fi aago rán. Tírélà tó ru sìmẹ́ńtì á máa fà bọ̀ láti Gbọ̀ngán, ogún ọkọ̀ á tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kò rí ààyè kọjá. Gbogbo wọn á jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wọn, ojú ọ̀nà á dá páropáro fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bákan náà ni àkókò lọ́wọ́ agbowó: ẹnì kan á na owó tó pé, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó ti lọ, ẹlòmíràn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó lábẹ́ ìjókòó. Àkókò tí agbowó fi jókòó lásán nígbà tí ọ̀nà dá, kò lè kó o pamọ́ de ìgbà tí ogún ọkọ̀ bá dé. Ibẹ̀ ni ìlà ti ń wá, bí ẹrù iṣẹ́ kò bá tilẹ̀ ju agbára agbowó lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ojútùú ìṣirò yìí kò rí tóògéètì rò rárá. Agner Krarup Erlang, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen, ó sì fẹ́ mọ wáyà mélòó ló yẹ kí ìlú ní kí àwọn tó ń pè má bàa máa bá a pé ó dí. Ó gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1909. Àwọn fọ́múlà tí à ń lò títí di òní wà nínú èyí tó gbé jáde ní 1917. Ní 1954 ni Leslie Edie, tó ń bá aláṣẹ èbúté New York ṣiṣẹ́, wá gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀, níbi afárá George Washington àti ihò abẹ́ odò tí wọ́n ń pè ní Lincoln. Ohun tí Edie fẹ́ mọ̀ ni iye àgọ́ tó yẹ kó wà ní ṣíṣí ní àkókò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kí ọkọ̀ má pẹ́ jù, kí agbowó má sì jókòó lásán.

Fọ́múlà Erlang kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti tó. Ẹ fi `a` dúró fún ẹrù iṣẹ́, `c` fún iye àgọ́, `s` fún ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ kan ń gbà, `ρ` fún ìwọ̀n ọwọ́-dídí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí `B = 1`, kí ẹ máa fi èyí tí ẹ bá rí ṣe èyí tó kàn, ẹ̀ẹ̀kan fún àgọ́ kọ̀ọ̀kan:

```
B = a×B ÷ (n + a×B)        n = 1, 2, ... c
C = B ÷ (1 − ρ×(1 − B))
W = C × s ÷ (c − a)
```

Fún Akódà tiwa, `a` jẹ́ 3.33. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fún wa ní 0.769, ìkejì 0.562, ìkẹta 0.384, ìkẹrin 0.243. Níbẹ̀ ni a ti dúró, nítorí àgọ́ mẹ́rin ni. Nígbà tí a bá fi 0.243 sí ìlà kejì, `C` jẹ́ 0.66: nínú ọkọ̀ 100 tó bá dé, 66 yóò bá gbogbo àgọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú iṣẹ́, wọn yóò sì dúró. Ìlà kẹta sọ ìpíndọ́gba ìdúró fún wa, ní kíka àwọn tí kò dúró rárá mọ́ ọn: ìṣẹ́jú àáyá 20. Ìyẹn ni pé ìdúró lórí ìlà tó àkókò tí wọn yóò lò lọ́wọ́ agbowó gan-an. Kò burú.

Bí wọ́n bá ṣí àgọ́ karùn-ún, ìwọ̀n ọwọ́-dídí á wálẹ̀ sí 67 nínú 100, ìdúró á sì já láti ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 4. Ẹ̀kẹfà á sọ ọ́ di 1. Ẹ wo bí èrè ṣe ń kéré sí i: àgọ́ karùn-ún gba ìṣẹ́jú àáyá 16 sílẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹfà gba 3 péré. Owó oṣù àgọ́ méjèèjì kò sì yàtọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ 600 ń dé, ẹni tó bá ṣí ẹ̀kẹfà ń fi owó ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 20 yẹn ni kí a wò dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró lé. Owó tóò 200 náírà ni, ṣùgbọ́n 1,000 náírà ni ó wà lọ́wọ́ awakọ̀. Agbowó ní láti ka 800 náírà padà fún un, ní 200 mẹ́rin, bí ó bá ní i. Bí kò bá ní in, ó ń nawọ́ sí àgọ́ kejì láti tọrọ ṣéńjì, àgọ́ kejì náà á sì dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ká ní ọ̀rọ̀ ṣéńjì fi ìṣẹ́jú àáyá 3 péré kún ìpíndọ́gba, tí 20 di 23. Ta ni yóò ka 3 sí?

Ẹ ṣe ìṣirò náà. 600 lọ́nà 23 jẹ́ 13,800. Pín in sí 3,600, ó di 3.83. Ìwọ̀n ọwọ́-dídí àgọ́ mẹ́rin gun orí láti 83 lọ sí 96 nínú 100. Ìdúró wá ńkọ́? Ó kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá 20, ó bọ́ sí 125. Ó lé ní ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ́wọ́ agbowó di ju 100 lọ lórí ìlà, ọkọ̀ tó wà lórí ìlà, tí ó jẹ́ bí mẹ́ta ní ìpíndọ́gba tẹ́lẹ̀, di bí 21.

Ohun tó fà á wà nínú ìlà kẹta fọ́múlà yẹn, lábẹ́ ìpín: `c − a`. Ìyẹn ni agbára tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá yọ ẹrù iṣẹ́ kúrò. Nígbà tí ẹrù jẹ́ 3.33, ohun tó ṣẹ́kù nínú mẹ́rin jẹ́ 0.67. Nígbà tí ó di 3.83, ó ku 0.17. Ẹrù iṣẹ́ fi ìdá 15 nínú 100 pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àyè tó ṣẹ́kù fi ìlọ́po mẹ́rin dínkù, orí rẹ̀ sì ni a ń pín ìdúró lé. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi lè wà ní ìrọ̀rùn fún oṣù mẹ́fà, kó sì di rúdurùdu láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí olórí tóògéètì á máa búra pé òun kò yí nǹkan kan padà.

Ní irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí wọ́n kọ́ àgọ́ kún un. Àgọ́ karùn-ún á ṣiṣẹ́ lóòótọ́: yóò mú 125 wá sí bí 10. Ṣùgbọ́n àpò tó kún fún owó 200 àti 100 láti ìdájí, tí wọ́n pín fún àgọ́ kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò mú un padà sí 20, kò sì gba bíríkì kan. Èmi ò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi ṣáájú pẹ̀lú kọnkéré.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí fọ́múlà Erlang kò ti bá tóògéètì mu dáadáa. Ó gbà pé ìlà kan ṣoṣo ló wà, tí ẹni tó wà níwájú ń lọ bá agbowó tó bá kọ́kọ́ ṣófo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní báńkì. Tóògéètì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àgọ́ tirẹ̀, ẹni tó bá ti wọ inú ìlà kan tán, àfi kó fara mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá ń yan ìlà láìwo èyí tó gùn, tí a pín 600 sí ọ̀nà mẹ́rin ní 150-150, àgọ́ kọ̀ọ̀kan á dá dúró bí ẹnubodè ayé àtijọ́. Ìwọ̀n ọwọ́-dídí á ṣì jẹ́ 83, ṣùgbọ́n ìdúró á jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 100, kì í ṣe 20. Ní ìgbà tí awakọ̀ ń rí gbogbo ìlà, tó sì ń yà sí èyí tó kúrú jù, ìdúró tòótọ́ á wà láàárín méjèèjì, á sì sún mọ́ 20 ju 100 lọ. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni bí wọ́n bá pààlà sí àárín ojú ọ̀nà pẹ̀lú kọnkéré láti ọ̀nà jíjìn, tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ yan ìlà kó tó rí iwájú. Nítorí náà, ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀ kó tó kan àgọ́ ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ohun kejì tí fọ́múlà gbà ni pé àkókò lọ́wọ́ agbowó ń yàtọ̀ gan-an láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ní tóògéètì tó dára, kì í yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀; ibi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń gba àkókò kan náà láìyẹ̀, ìdúró á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tí fọ́múlà sọ. Àléébù àkọ́kọ́ ń mú kí ìdúró tòótọ́ ju ti ìwé lọ, èkejì ń mú kó kéré sí i. Wọn kì í pa ara wọn rẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí nọ́ńbà Erlang wúlò fún ìpinnu.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ṣì bá ojú ọ̀nà mu, ọ̀nà kan wà tí kò gba fọ́múlà. Ní 1961, John Little fi hàn pé iye ọkọ̀ tó wà lórí ìlà ní ìpíndọ́gba kò lè yàtọ̀ sí iye tó ń dé ní ìṣẹ́jú kan lọ́nà iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ kan fi ń dúró. Nítorí náà, kí ẹnì kan gun òkè ilé tó wà nítòsí, kó máa ya fọ́tò ìlà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan. Bí ìpíndọ́gba ọkọ̀ tó ń dúró nínú fọ́tò ọgọ́ta bá jẹ́ 8, tí ọkọ̀ mẹ́wàá sì ń dé ní ìṣẹ́jú kan, ìdúró jẹ́ 0.8 ìṣẹ́jú, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 48. Kò sí ẹni tó wo aago ọkọ̀ kankan. Bí ìwé bá sọ pé 20, tí fọ́tò sọ pé 48, a jẹ́ pé nǹkan kan ti yí padà, ṣéńjì sì ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọn tó ń lo káàdì tàbí àmì tí ẹ̀rọ ń kà láti òkèèrè, bí irú èyí tí wọ́n ti lò ní Lẹ́kkí ní Èkó, ní ìṣirò tiwọn. Ká ní ẹ̀rọ tú ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 5. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lè gba gbogbo ọkọ̀ 600 yẹn ní ìwọ̀n ọwọ́-dídí 83, ìdúró á sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 25. Ó gùn díẹ̀ ju 20 ti àgọ́ mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ní ti gbogbo àkókò láti dídé dé jíjáde, 30 ni tẹ̀rọ, 40 ni tàwọn agbowó. Kìkì pé bí ẹ̀rọ kan náà bá kọ̀ ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ dúró, àgọ́ mẹ́rin kì í sì í ṣàìsàn lọ́jọ́ kan náà.

Ó ku ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Iléyá tàbí Kérésì. Ká ní ọkọ̀ 900 ń dé ní wákàtí kan, láti aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àgọ́ mẹ́rin kò lè ṣe ju 720 lọ. Níhìn-ín, fọ́múlà Erlang kò sọ nǹkan kan mọ́. `c − a` ti di òdì, nọ́ńbà tó bá jáde kò ní ìtumọ̀. Ìyọkúrò lásán ló kù. Ọkọ̀ 180 ni yóò ṣẹ́kù lórí ìlà nígbà tí aago mẹ́fà bá lù. Wọn ó tò sí ìlà mẹ́rin ní 45-45, bí ọkọ̀ kan bá sì gba mítà 7 pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan á gùn tó mítà 315. Ẹni tó bá dé gẹ́rẹ́ ní aago mẹ́fà á dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí iye tó ń dé bá sì wálẹ̀ sí 540 lẹ́yìn náà, àgọ́ mẹ́rin á máa fi 180 borí ní wákàtí kan, aago méje á lù kí ìlà tó parẹ́. Wákàtí kan tí ẹrù fi ju agbára lọ bí wákàtí méjì ìlà.

Àgọ́ márùn-ún lè ṣe 900 gẹ́lẹ́. Ó jọ pé ó tó, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ìṣẹ́jú tí tírélà bá kó ogún ọkọ̀ dé. Mẹ́fà ló yẹ. Ìwọ̀n ọwọ́-dídí á padà sí 83, ìdúró á jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 12. Ẹ ṣàkíyèsí pé 83 yìí kan náà fún wa ní 100 níbi àgọ́ kan tó dá dúró, 20 níbi mẹ́rin, 12 níbi mẹ́fà, láìjẹ́ pé agbowó kankan yára ju èkejì lọ. Bí àgọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ọwọ́ wọn ṣe lè dí tó láìjẹ́ pé ìlà gùn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé 80 nínú 100 ni òpin fún gbogbo tóògéètì kò tíì bèèrè pé àgọ́ mélòó ló wà níbẹ̀.

Fún Akódà wa, nígbà náà, mẹ́fà ni kí wọ́n kọ́ ní ìhà Gbọ̀ngán, márùn-ún ni kí wọ́n máa ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ọjọ́ Ẹtì. Lóru, tí ọkọ̀ 60 péré ń dé ní wákàtí kan, àgọ́ kan lè ṣe é pẹ̀lú ìdúró ìṣẹ́jú àáyá 10, ṣùgbọ́n méjì ni mo máa ṣí, nítorí pé agbowó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí kì í sí nínú fọ́múlà, Edie sì kà á sí tirẹ̀ ní New York: bí àgọ́ márùn-ún bá gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún wákàtí mẹ́jọ, ènìyàn márùn-ún kò lè ṣe é. Wọn ó jẹun, wọn ó kírun, wọn ó ka owó inú àpótí fún ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá kúrò ní àgọ́ fún wákàtí kan nínú mẹ́jọ, wákàtí 40 iṣẹ́ àgọ́ gba ènìyàn 5.7, ìyẹn ni pé mẹ́fà ni kí wọ́n gbà síṣẹ́ fún àgọ́ márùn-ún, kí ẹni kẹfà sì máa lọ láti àgọ́ dé àgọ́ pẹ̀lú àpò ṣéńjì lọ́wọ́.